Omi Wo Ni A Bù Là Á?

Nígbà kan tí mo ń parí fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi wá jókòó tì mí, ó wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Àwọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀." Kò purọ́. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà wọ aṣọ funfun, ó jókòó sórí àga dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn tí mo ti fi tábìlì àwọ̀ tí mo fẹ́ràn sí i, ògiri náà ti di búlúù, ojú obìnrin náà sì ti pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí iná. Mo fa agbára tábìlì náà wálẹ̀ láti 100 sí 50, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti bu omi là á nìyẹn: ògiri yóò sún mọ́ àwọ̀ rẹ̀ àtilẹ̀wá, ojú yóò sì tutù.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo àwòrán náà ló ṣá. Àga dúdú di eérú, aṣọ funfun náà wá dà bí èyí tí a fi omi ẹrẹ̀ fọ̀, ó sì dà bí ẹni pé ìkùukùu bo ojú obìnrin náà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé búlúù ara ògiri ṣì wà níbẹ̀. Ó kàn di búlúù tó ṣá ni. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi kò mọ orúkọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí òun bèèrè kọ́ nìyẹn. Ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ kejì.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tí tábìlì yìí jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń lò ó lójoojúmọ́ láì tíì ṣí inú rẹ̀ wò rí. LUT ni wọ́n ń kọ sójú kọ̀ǹpútà, àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ àwọ̀ sì ń pè é ní lọ́ọ̀tì. Kò ju àtòjọ nọ́ńbà lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn: bí píkísẹ́lì kan bá wọlé pẹ̀lú iye pupa báyìí, iye àwọ̀ ewé báyìí àti iye búlúù báyìí, iye wo ni kí ó bá jáde? Kò mọ̀ bóyá ojú ènìyàn ni píkísẹ́lì náà tàbí ògiri. Kò mọ ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún tàbí lósì. Kò sì mọ irú kámẹ́rà tó ya fídíò náà. Ẹni tó ṣe lọ́ọ̀tì náà ló mọ irú àwòrán tí òun ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣe é. Lọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Bí o bá fi ètò ìkọ̀wé lásán orí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì `.cube` kan, irú fáìlì tí lọ́ọ̀tì máa ń wà nínú rẹ̀, ohun tí wàá rí nìyí:

```
LUT_3D_SIZE 33
DOMAIN_MIN 0.0 0.0 0.0
DOMAIN_MAX 1.0 1.0 1.0
0.012 0.018 0.031
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé wọ́n pín àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ipò 33. Pupa ní 33, àwọ̀ ewé ní 33, búlúù náà ní 33, nítorí náà gbogbo ìlà tó wà nínú àtòjọ náà jẹ́ 35,937. Fídíò oníbíìtì mẹ́wàá lè ní àwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan, ìdí sì nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń fojú díwọ̀n ohun tó wà láàárín ipò kan àti èkejì. Ìlà kẹrin ni mo fẹ́ kí a dúró tì. Òun ni ìdáhùn fún dúdú pátápátá, ìyẹn odo, odo, odo. Dúdú wọlé, ohun tó jáde kì í ṣe dúdú mọ́: búlúù rẹ̀ jẹ́ 0.031, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta pupa rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo yìí ti jẹ́ kí n mọ̀ pé lọ́ọ̀tì yìí yóò ti búlúù bọ inú gbogbo òjìji, kí n tó gbé e lé fídíò kankan.

Wàyí o, kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí a bá fa agbára lọ́ọ̀tì wálẹ̀? Èrò tó wà lọ́kàn mi fún ọdún púpọ̀ ni pé ó ń wọ inú lọ́ọ̀tì náà lọ láti tu ún lára, bí ìgbà tí a bá dín iná àtùpà kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ fi lọ́ọ̀tì náà sí àwòrán ní kíkún, lẹ́yìn náà ni yóò wá mú àwòrán tó wà kí lọ́ọ̀tì tó dé, tí yóò sì po àwọn méjèèjì pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kúrú:

```
abajade = k * lut(aworan) + (1 - k) * aworan
```

Bí `k` bá jẹ́ 1, lọ́ọ̀tì nìkan la rí. Bí ó bá jẹ́ 0, àwòrán tó wà lábẹ́ nìkan la rí. Bí ó bá jẹ́ 0.5, ìdajì tèyí àti ìdajì tọ̀hún ni. Nítorí náà, bíbu omi là ni ní tòótọ́, àwòrán tó wà lábẹ́ sì ni omi náà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo pè ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé bí àwòrán ṣe ṣá mọ́ mi lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Kí ló wà lábẹ́ lọ́ọ̀tì yẹn?"

"Fídíò náà ni, sà."

"Mo mọ̀ pé fídíò ni. Ṣé bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà ló wà níbẹ̀, àbí o ti yí i padà?"

Mo dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Omi ẹrẹ̀ lo bù là á," ó ní. "Kò lè mọ́."

Bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ya á ní S-Log3. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní lọ́ọ̀gì, kò wà fún wíwò. Kámẹ́rà ń há ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ mọ́ àyè díẹ̀ kí ohunkóhun má baà sọnù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká aṣọ púpọ̀ sínú àpótí kékeré. Lórí ìwọ̀n tó lọ láti 0 sí 1023, S-Log3 gbé dúdú pátápátá sí 95, ó gbé àwọ̀ eérú tó ń dá ìdá 18 ìmọ́lẹ̀ padà nínú ọgọ́rùn-ún sí 420, ó sì gbé funfun tó ń dá ìdá 90 padà sí 598. Àyè tó kù lókè jẹ́ ti ohun tó mọ́lẹ̀ ju funfun lọ, bí ojú ọ̀run tàbí fìtílà. Láàárín dúdú àti funfun, nǹkan bí ìdajì àyè péré ni a lò. Ìdí nìyẹn tí lọ́ọ̀gì fi máa ń rí bí ohun tó ṣá.

Lọ́ọ̀tì tí mo fẹ́ràn yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ̀. Iṣẹ́ kìíní ni pé ó ń tú ẹrù tí kámẹ́rà ká sínú àpótí, ó ń yí S-Log3 padà sí Rec.709, ìyẹn ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí àjọ ITU kọ́kọ́ fọwọ́ sí lọ́dún 1990. Iṣẹ́ kejì ni ẹwà: búlúù nínú òjìji, àwọ̀ ọsàn lójú ènìyàn. Ẹwà ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi fẹ́ kí n dín kù. Ṣùgbọ́n ìfà agbára kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Bí mo ṣe fà á dé 50, mo dín ẹwà kù ní ìdajì, mo sì tún ká ìdajì aṣọ náà padà sínú àpótí.

Mo ṣí sikóòpù, ohun èlò tó ń fi gíga ìmọ́lẹ̀ hàn, mo sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nínú lọ́ọ̀gì, àga dúdú wà ní 100, aṣọ funfun wà ní 600. Pẹ̀lú lọ́ọ̀tì ní kíkún, àga bọ́ sí 24, aṣọ gòkè dé 930. Ní agbára 50, àga di 62, aṣọ di 765. Ẹ wò ó: 906 ló wà láàárín àga àti aṣọ tẹ́lẹ̀, ó ti di 703. Kò sí ẹwà kankan tó ń bèèrè fún irú àdánù bẹ́ẹ̀. Àmì tí mo wá ń fi dá a mọ̀ báyìí nìyí, kò sì gba àkókò: bí mo bá fa agbára wálẹ̀ tí ìsàlẹ̀ ìlà sikóòpù gbéra sókè tí òkè rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ ní àkókò kan náà, lọ́ọ̀gì ló wà lábẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni mo ń dín kù, ìlà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Àwọ̀ inú rẹ̀ ló ń sún mọ́ ara wọn.

Àtúnṣe tó yẹ ni pé kí a ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ àwọ̀, nóòdù ni wọ́n ń pe ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí àwòrán ń gbà kọjá ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Mo máa ń fi nóòdù kan ṣe ìyípadà nìkan, pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Color Space Transform: mo sọ fún un pé S-Gamut3.Cine àti S-Log3 ló ń wọlé, Rec.709 àti Gamma 2.4 ló ń jáde. Nóòdù yìí máa ń wà ní agbára kíkún, n kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni nóòdù lọ́ọ̀tì ẹwà máa ń wà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún àwòrán Rec.709. Òun ni mo lè fà wálẹ̀ bó ṣe wù mí, nítorí omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀tì tèmi, wọ́n ti so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ṣe é kò sì fi ẹ̀dà mìíràn sílẹ̀. Bí mo bá gbé e sẹ́yìn nóòdù ìyípadà, yóò yí ohun tí a ti yí padà lẹ́ẹ̀kan padà lẹ́ẹ̀kejì: dúdú yóò rì mọ́lẹ̀ pátápátá, ojú yóò sì jó. Ọ̀gá mi ló fi ọ̀nà àbáyọ hàn mí, ó sì rọrùn débi pé ojú tì mí díẹ̀. Ó ní kí n gbé fídíò kan náà sí ìlà méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ti ìsàlẹ̀, kí n fi Color Space Transform nìkan sí i. Ti òkè, kí n fi lọ́ọ̀tì alápapọ̀ náà sí i ní kíkún, láìsí ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí n má fọwọ́ kan agbára lọ́ọ̀tì mọ́. Opacity ti fídíò òkè, ìyẹn bó ṣe bo ti ìsàlẹ̀ tó, ni kí n fà wálẹ̀. Ìṣirò kan náà ni, omi nìkan la pààrọ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì tún wo sikóòpù. Àwòrán ìsàlẹ̀ fi àga sí 40, ó fi aṣọ sí 890. Ní ìdajì, àpòpọ̀ òun àti ti òkè fi àga sí 32, ó fi aṣọ sí 910. Dúdú dúró bíi dúdú, funfun dúró bíi funfun, búlúù ara ògiri sì dín kù gẹ́gẹ́ bí mo ti retí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀fìn mìíràn wà tí mo ti kó sí lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ó sì dà bí àbúrò ti àkọ́kọ́. Nínú Resolve, agbára nóòdù ni à ń fà nígbà tí a bá ṣí Key tí a sì dín Gain tó wà lábẹ́ Key Output kù láti 1.000 sí 0.500. Kì í ṣe agbára lọ́ọ̀tì nìkan. Gbogbo ohun tí a bá ti ṣe nínú nóòdù náà ló ń bá a lọ sílẹ̀. Mo ti gbé ìmọ́lẹ̀ fídíò tó ṣókùnkùn sókè rí, mo tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, mo sì sọ lọ́ọ̀tì sínú nóòdù kan náà nítorí ọ̀lẹ. Nígbà tí mo dín agbára kù, ìdajì òkùnkùn àti ìdajì àwọ̀ tí kò dára padà wá bá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú lọ́ọ̀tì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, lọ́ọ̀tì mi kì í bá nǹkan kan gbé nínú nóòdù. Àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ wà ṣáájú, nínú nóòdù tirẹ̀. Ṣíṣáájú yìí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: `DOMAIN_MAX` tí a rí lẹ́ẹ̀kan sọ pé 1.0 ni òpin ohun tí lọ́ọ̀tì náà mọ̀. Ohunkóhun tó bá wọlé ju ìyẹn lọ, yóò gé e sí 1.0, àtúnṣe tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní lè jí i dìde.

Bí omi bá ti mọ́, kí ni bíbu omi là ń ṣe fún àwọ̀ gan-an? Ẹ jẹ́ kí a mú píkísẹ́lì kan lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, lórí ìwọ̀n 0 sí 255. Lábẹ́, pupa rẹ̀ jẹ́ 190, àwọ̀ ewé 140, búlúù 115. Lọ́ọ̀tì sọ ọ́ di 210, 138, 90, ojú tó pọ́n tí a rí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ní agbára 35, ó di 197, 139, 106. Awọ ara ènìyàn gidi ni, ó sì ní ooru díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí lọ́ọ̀tì kò bá ti gbé àwọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn: ibi tó wà láàárín jẹ́ ibi tó dára.

Níbi tó bá ti gbé àwọ̀ lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ìrọ̀rí ofeefee kan wà ní igun yàrá náà, iye wọn jẹ́ 200, 180, 60. Lọ́ọ̀tì gbé wọn lọ sí búlúù aláwọ̀ ewé, 80, 160, 180. Ofeefee tó dájú ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n dà náà sì dájú. Ṣùgbọ́n ní ìdajì, wọ́n di 140, 170, 120, àwọ̀ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tó súnmọ́ ti ewé gbígbẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé àpòpọ̀ kì í yí po láti àwọ̀ kan dé èkejì bí òṣùmàrè. Ó ń gba àárín kọjá ní tààrà, àárín yẹn sì ni àwọ̀ eérú ń gbé. Bí a bá ń dín agbára lọ́ọ̀tì kù tí ohun kan ṣoṣo nínú àwòrán sì ń kú nígbà tí ìyókù ń dára sí i, ohun tó fà á nìyí. Kò sí iye agbára kankan tó lè wo ìyẹn sàn. Ní tèmi, mo kàn fi nóòdù kan mú ofeefee náà nìkan, mo rọ̀ ọ́ wálẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ lọ́ọ̀tì.

Fèrèsé náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà, ojú ọ̀run tó hàn níta ní àwọ̀ méjì, ìkùukùu wà ní 980, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ wà ní 900. Lọ́ọ̀tì sọ méjèèjì di 1023, funfun pátápátá, ìkùukùu sì pòórá. Ní agbára 50, àwọn iye náà di nǹkan bí 1002 àti 962. Ìkùukùu padà, ṣùgbọ́n 40 ló wà láàárín wọn dípò 80. Gbogbo ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù wá látinú àwòrán ìsàlẹ̀ nìkan, lọ́ọ̀tì kò fi ohunkóhun kún un. Ènìyàn lè rò pé òun ti gba ojú ọ̀run náà là, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló rí gbà. Bí ojú ọ̀run bá ṣe pàtàkì, ó sàn kí a fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ṣáájú lọ́ọ̀tì ju kí a máa dín agbára kù nítorí rẹ̀, kí gbogbo ìyókù àwòrán sì máa jìyà.

Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe nípa kọ́ńtíráàsì, ìyẹn bí dúdú àti funfun ṣe jìnnà síra tó. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ní lọ́ọ̀tì kan ti pọ̀ jù, mo ti ṣàkíyèsí pé àwọ̀ kọ́ ló sábà máa ń bí wọn nínú. Òjìji tó ti dúdú jù ni. Bí ó bá jẹ́ òun ni, mo máa ń rọ kọ́ńtíráàsì díẹ̀ nínú nóòdù tó ṣáájú, mo sì fi agbára lọ́ọ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnu máa ń ya ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bí àwọ̀ tó ní òun kò fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣe wá di èyí tó fẹ́ràn.

Ní ti iye tó yẹ kí a fi agbára sí, n kò gbà pé nọ́ńbà kan wà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ń tan ojú jẹ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 100 tí mo ń bọ̀ nísàlẹ̀, ojú mi ti mọ́ búlúù náà lára. Ní 70, mo ti ń rò pé mo ti ṣe ohun tó mọ níwọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, bí mo bá ṣí i, 70 náà yóò máa pariwo. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti odo tí mo ń gòkè, mo sábà máa ń dúró láàárín 30 sí 45. Lọ́ọ̀tì kan náà, fídíò kan náà, ojú kan náà. Nítorí náà, odo ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, n kì í sì í wo ògiri nígbà tí mo bá ń gòkè. Ojú ènìyàn ni mo ń wò, títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó di ohun tí mo lè tọ́ka sí.

Bí mo bá ti rí iye náà, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo àwòrán tí wọ́n yà ní ibi kan náà. Ìdánwò tó wà níbẹ̀ ni pé kí ènìyàn fi 35 sí èyí, 50 sí èkejì, nítorí èkejì dà bí ẹni pé kò gbà á dáadáa. Àwọn méjèèjì yóò fara hàn bí àjèjì síra wọn ní kété tí a bá gé láti ọ̀kan sí èkejì. Àwòrán méjì tí kò bára mu kí lọ́ọ̀tì tó dé, lọ́ọ̀tì ni yóò sọ àìbáramu wọn di gbangba. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ wọn ni mo máa ń mú dọ́gba nínú nóòdù ìṣáájú, kí agbára lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo wọn.

Fún ẹni tí kò ní Resolve, tó sì ń fi FFmpeg, ètò fídíò tí a ń kọ àṣẹ fún, ṣiṣẹ́, ọ̀nà kan náà wà. Fáìlì tó ń wọlé nínú àpẹẹrẹ yìí ti di Rec.709 tẹ́lẹ̀:

```
ffmpeg -i yipada.mov -filter_complex \
"[0:v]format=gbrp10le,split[a][b];\
[b]lut3d=file=awo.cube:interp=tetrahedral[d];\
[d][a]blend=all_mode=normal:all_opacity=0.35,format=yuv422p10le[v]" \
-map "[v]" -map 0:a -c:v prores_ks -c:a copy jade.mov
```

`split` sọ àwòrán di méjì, `lut3d` fi lọ́ọ̀tì sí ọ̀kan, `blend` sì po wọ́n. Èyí tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ fún `blend` ló wà lókè, òun sì ni `all_opacity` ń bá wí. Bí a bá kọ `[a][d]` dípò `[d][a]`, ohun tí a fẹ́ kó jẹ́ 35 yóò di 65. `gbrp10le` ló ń mú kí ìpòpọ̀ náà wáyé nínú pupa, ewé àti búlúù ní bíìtì mẹ́wàá, kí ojú ọ̀run má baà là sí ìlà-ìlà.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi padà wá lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bó ti wí. Fídíò òkè wà ní 35. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì béèrè bóyá mo ti yọ àwọ̀ náà kúrò pátápátá ni. N kò fèsì; mo pa ìlà òkè. Ògiri náà di eérú lásán, ooru sì kúrò lójú obìnrin náà. Mo tún tan ìlà náà. Ó ní, "Áà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ nípa ohùn.